Lẹ́tà tí mánẹ́jà máa kọ sí Alhaja kí wọ́n lè gbà pé kí a máa ka ọjà lóṣooṣù

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 29 ni mí, èmi ni mánẹ́jà ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìbàdàn. Mílíìkì, ìndómì, ọṣẹ àti irú wọn là ń tà, ní páálí àti ní ẹyọ. Àwa 6 la wà níbẹ̀, Èkó sì ni Alhaja tó ni ṣọ́ọ̀bù ń gbé. Oṣù Kejìlá nìkan la máa ń ka ọjà. Èyí tí a kà kẹ́yìn fi hàn pé ọjà ₦412,000 ti dín, wọ́n sì pín in, wọ́n yọ ọ́ lára owó oṣù gbogbo wa. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí wọn pé ká máa ka ọjà lóṣooṣù kí àṣírí olè lè tú, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á rò pé nǹkan kan wà tí mò ń bò. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́?*

Àbúrò mi, kí o tó kọ ohunkóhun, yọ ọ̀rọ̀ olè kúrò nínú lẹ́tà náà. Bí Alhaja bá ti ka "olè", ohun tí wọ́n máa bi ọ́ ni pé ta ni, o ò sì ní orúkọ kankan tí o máa dá. Ìwọ lo mú kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ lọ́wọ́, nítorí náà ọ̀dọ̀ rẹ ni ojú máa kọ́kọ́ yí sí. Àwọn 5 tó kù náà á gbọ́ pé ìwọ lo kọ̀wé sí Èkó pé olè wà láàárín wọn, kò sì ní sí ẹni tó máa bá ọ ka ọjà tinútinú mọ́. Olè wà lóòótọ́, mi ò sọ pé kò sí. Ṣùgbọ́n láti ọdún 22 tí mo ti ń bá àwọn oníṣòwò ka ọjà, ohun tí a kò kọ sílẹ̀ àti ohun tí a kọ lódì ni mo máa ń kọ́kọ́ bá, kí n tó bá ohun tí ẹnikẹ́ni jí.

Àkókò ni ìdí tó yẹ kí o gbé ka iwájú Alhaja. ₦412,000 tí ẹ rí nínú Oṣù Kejìlá yẹn, ọjọ́ wo ló lọ? Ṣé ọjọ́ kan ló lọ ni, àbí díẹ̀díẹ̀ fún oṣù 12? Ọjà wo ni? Kò sí ẹni tó lè sọ. Awakọ̀ tó já ọjà nínú Oṣù Kẹta ti lè máà ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Rísíìtì tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde ti ṣá, ó ti funfun báláú, pàápàá bí ó bá wà nítòsí fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Ọmọ tó wà ní kántà nígbà yẹn ti lè lọ kọ́ṣẹ́ ibòmíràn. Nígbà tí a kò bá mọ ọjọ́, a kò lè mọ ìdí, gbogbo ènìyàn ló sì máa jọ san án. Bí ó bá jẹ́ oṣù kan péré ló kọjá, oníkálukú ṣì rántí. "Háà, páálí tí ìyá yẹn dá padà lọ́jọ́ tí òjò rọ̀!" Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń tán wàhálà, ṣùgbọ́n a kì í gbọ́ ọ nínú Oṣù Kejìlá.

Jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tí ojú mi rí. Ọ̀gá kan pè mí sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́. Wọ́n ti ka ọjà tán, tòmátò inú ọ̀rá sì dín ní ọ̀rá 1,350. ₦200 ni wọ́n ń ta ọ̀rá kan, nítorí náà ₦270,000 ni wọ́n kà sí ẹni tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ lọ́rùn. Wọ́n ti lé e lọ kí n tó dé. Mo ní kí wọ́n gbé páálí tòmátò kan tí wọn ò tíì ṣí wá. Mo ya á, mo tú u sórí tábìlì, mo sì kà á lójú gbogbo wọn. Ogójì ni. Mo yí ẹ̀gbẹ́ páálí náà sí wọn, iye 40 wà níbẹ̀ gàdàgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ ìwé ọjà wọlé ń kọ 50 fún páálí kọ̀ọ̀kan, nítorí pé 50 ló mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é ti dín in kù láti Oṣù Kẹrin, wọ́n sì fi owó rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Páálí 15 ni ṣọ́ọ̀bù náà ń rà lóṣù. Fún oṣù 9, páálí 135 ti wọlé, ọ̀rá 10 sì ni ìwé fi lé orí páálí kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rá 1,350 tí wọ́n ní ó sọnù kò fìgbà kan wọ ṣọ́ọ̀bù.

Èyí tó dùn mí jù kò tíì tán. ₦9,000 ni wọ́n ń ra páálí. Nígbà tó jẹ́ 50, ₦180 ni ọ̀rá kan dúró fún, wọ́n sì ń jèrè ₦20 lórí rẹ̀. Nígbà tó di 40, ó di ₦225, wọ́n sì ń tà á ní ₦200 síbẹ̀. Gbogbo ọ̀rá tí wọ́n tà láti Oṣù Kẹrin ni wọ́n pàdánù ₦25 lé lórí. Ọ̀rá 5,400 ló wà nínú páálí 135. ₦135,000 lọ báyìí nínú owó gidi, kò sì sí ẹni tó rí i, torí pé ₦270,000 tí kò ṣẹlẹ̀ ni gbogbo ojú ń wò. Bí ó bá ṣe pé wọ́n kà ní ìparí Oṣù Kẹrin ni, ọ̀rá 150 péré ni ì bá dín, ẹnìkan ì bá ya páálí, ọ̀rọ̀ náà ì bá sì parí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nítorí náà, má tíì kọ lẹ́tà lónìí. Mú ọjà kan ṣoṣo tó ń yá lọ́wọ́ yín, kí o sì dán an wò fún oṣù kan kí o lè ní ohun tí o máa fi han Alhaja. Ìndómì dára fún un, torí pé ẹyọ 40 ló wà nínú páálí èyí tó kéré tí gbogbo ènìyàn ń rà, ó sì rọrùn láti ṣírò. Kà á ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù kí ẹ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, kọ gbogbo èyí tó wọlé láàárín oṣù, ro gbogbo èyí tó jáde pọ̀ láti inú rísíìtì, kí o sì tún un kà ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn. Má fi pamọ́ fún àwọn yòókù. Pe ẹnìkan nínú wọn kí ẹ jọ kà á, kí ó sì fọwọ́ sí i. Inú ẹyọ ni kí o ti ṣírò, má ṣe é ní páálí, torí pé àárín páálí àti ẹyọ ni ìṣirò ti máa ń dojú rú nínú ṣọ́ọ̀bù tó ń ta méjèèjì.

Nígbà tí o bá ti ní ìwé yẹn lọ́wọ́, bí èmi ṣe máa kọ lẹ́tà náà nìyí. Iye tìrẹ ni kí o fi rọ́pò iye tèmi, ṣùgbọ́n má yí bó ṣe tò tẹ̀lé ara rẹ̀ padà.

*Alhaja wa,*

*Ẹ kú iṣẹ́ o mà, ẹ sì kú ọ̀nà jíjìn. Mo ń kọ lẹ́tà yìí láti bẹ̀ yín pé kí ẹ fún wa láyè kí a máa ka gbogbo ọjà ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù, dípò kí a máa dúró de Oṣù Kejìlá.*

*Ìdí tí mo fi bẹ ẹ̀bẹ̀ yìí ni pé nígbà tí a kà á lọ́dún tó kọjá, a mọ iye tó dín, ṣùgbọ́n a kò lè sọ fún yín ìgbà tó lọ tàbí ọ̀nà tó gbà lọ. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa rọrùn sí i bí àkókò náà bá kúrú, mo sì fi ìndómì nìkan dán an wò ní oṣù tó kọjá yìí. Èmi àti ẹni tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ la jọ kà á, àwa méjèèjì la sì fọwọ́ sí ìwé tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.*

*Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, páálí 62 àti ẹyọ 17 ló wà nílẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ẹyọ 2,497. Páálí 150 wọlé láàárín oṣù, ìyẹn ẹyọ 6,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8,497. Rísíìtì wa fi hàn pé a ta ẹyọ 6,921. Ó yẹ kí 1,576 kù. Nígbà tí a kà á, 1,524 la bá. Ó dín ní ẹyọ 52.*

*A padà sínú rísíìtì lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ 19, oníbàárà kan dá páálí kan padà torí pé omi ti wọ inú rẹ̀. A fún un ní òmíràn, a sì da èyí tó bàjẹ́ nù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹyọ 40 nìyẹn. Ọmọ tó wà ní kántà ló rántí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ku ẹyọ 12 tí a kò tíì rí ìdí rẹ̀. Mo ti ní kí wọ́n máa kọ ohun tó bá bàjẹ́ sínú ìwé kékeré kan tí mo so mọ́ ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀, kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀.*

*Bí a ṣe fẹ́ máa ṣe é nìyí, bí ẹ bá gbà. Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí a bá ti ṣọ́ọ̀bù, màá kọ nọ́ńbà rísíìtì tó jáde kẹ́yìn àti ti ìwé ọjà tó wọlé kẹ́yìn. Láti ìgbà yẹn títí a ó fi kà tán, ohunkóhun ò ní wọlé, ohunkóhun ò sì ní jáde. Ní aago 1 ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tí a kì í ṣí tẹ́lẹ̀, àwa 6 máa pàdé. Àwọn 4 máa pín ara wọn sí méjì-méjì, kí ẹnìkan máa kà, kí èkejì máa kọ. Ẹni tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ kò ní ka sítọ́ọ̀, ojú ṣẹ́ẹ́fù ni yóò wà. Àwọn tó ń tajà ní kántà ló máa ka sítọ́ọ̀. Iye tó wà nínú ìwé kò ní hàn sí ẹnikẹ́ni tó ń kà. Ẹni karùn-ún yóò máa to ọjà, kí wọ́n lè rí gbogbo rẹ̀. Èmi kò ní kà rárá, ìwé tí wọ́n bá kọ ni mo máa gbà. A rò pé a ó ti parí ní aago 6 ìrọ̀lẹ́.*

*Mo sì bẹ̀ yín, Alhaja, kí ẹ rán ẹnìkan tí ẹ fọkàn tán wá láti ilé yín. Ẹni náà ni kí ó yan ọjà 10 tó bá wù ú lẹ́yìn tí a bá kà tán, kí ó tún wọn kà fúnra rẹ̀, kí ó sì fi àwòrán ìwé gbogbo ránṣẹ́ sí yín kí ó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.*

*Owó tó máa ná yín ni ₦12,000 lóṣù, ìyẹn ₦2,000 fún ẹnìkọ̀ọ̀kan wa fún oúnjẹ àti owó ọkọ̀. Lọ́dún, ó máa jẹ́ ₦144,000. Kí ó tó di ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, ẹ máa gba ìwé kan lọ́wọ́ mi tó ní orúkọ gbogbo ọjà tó dín tàbí tó lé, iye owó rẹ̀, ìdí tí a rí, àti èyí tí a kò rí ìdí rẹ̀.*

*Mo bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ ká fi oṣù 3 dán an wò. Ohun kan ṣoṣo tí mo tún fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún ni pé láàárín oṣù 3 náà, kí ẹ má tíì yọ owó lára ẹnikẹ́ni nítorí iye tí a bá rí, kí àwọn ọmọ lè máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìbẹ̀rù.*

*Ẹ ṣé púpọ̀ mà. Ọlọ́run yóò máa bá wa ṣọ́ yín.*

*Mánẹ́jà yín*

Ibi tó parí nìyẹn. Wò ó pé Alhaja máa mọ ohun tí o ń béèrè ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́. Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù púpọ̀ kì í ka lẹ́tà dé ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó pinnu. Mo sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ ₦144,000 sílẹ̀. Má fi ₦12,000 nìkan síbẹ̀, torí pé wọ́n á ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra wọn, bí wọ́n bá sì bá a pé o fi ti ọdún pamọ́, wọn ò ní gba ìyókù gbọ́. Ẹyọ 12 tí o kò rí ìdí rẹ̀ náà, má yọ ọ́. Nígbà tí wọ́n bá rí i pé o fi ohun tí o kò mọ̀ hàn wọ́n, wọ́n á mọ̀ pé kò sí ohun tí o ń bò. Ìdáhùn sí ẹ̀rù tó ń bà ọ́ nìyẹn, àti ẹni tí o ní kí wọ́n rán wá. Ẹni tó ń bo nǹkan kì í pe ojú òde wá wo ilé.

Lórí ọ̀rọ̀ owó oṣù tí wọ́n yọ, mo fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n ṣùgbọ́n kí o má kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà, ní ẹ̀ka karùn-ún rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹni tó gbani síṣẹ́ kàn máa yọ owó òṣìṣẹ́ bó ṣe wù ú. Bí ó bá jẹ́ nítorí ohun tó sọnù, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ yẹn gan-an ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí tó fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́, iye tó bọ́gbọ́n mu ni wọ́n lè yọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda tí a kọ sílẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Pínpín in sórí ènìyàn 6 láìmọ ẹni tó ṣe é kò bá èyí mu. Bí o bá kọ òfin sínú lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, ìjà lo kọ. Oṣù 3 tí o bẹ̀bẹ̀ fún ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Bí Alhaja bá wá gbà, ọjọ́ àkọ́kọ́ ló le jù. Ohun méjì ló máa bà á jẹ́ bí o kò bá ṣọ́ra, mo sì ti rí i pé wọ́n ba ti ẹlòmíràn jẹ́.

Àkọ́kọ́ ni ọjà tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ tí wọn ò tíì gbé lọ. Ìyá kan san owó páálí 10, ó gbé 6, ó ní ọkọ̀ òun kún, òun á padà wá lọ́la. Páálí 4 yẹn ti jáde nínú rísíìtì, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nílẹ̀. Bí ẹ bá kà á mọ́ tiyín, ọjà yín máa lé ní 4, inú yín á dùn, ìyá náà á sì gbé e lọ lọ́jọ́ Ajé. Bí 4 mìíràn bá sì ti dín níbòmíràn, èyí máa bò ó, ẹ ò ní mọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kó gbogbo irú ọjà bẹ́ẹ̀ sí igun kan, lẹ bébà mọ́ ọn pẹ̀lú orúkọ oníbàárà àti nọ́ńbà rísíìtì, kí o sì na okùn yí i ká. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjà tí ọkọ̀ bá já lójijì ní ọjọ́ Àìkú. Wọ́n máa ń wá, láìfi ti pé ẹ ti sọ fún wọn pè. Gbà á, ṣùgbọ́n kó o sí ibi tó yàtọ̀, kí ẹ má kà á, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú oṣù tuntun.

Èkejì ni òkìtì páálí. Mo dúró níwájú òkìtì ọṣẹ ìfọṣọ kan rí. Páálí 6 ní ìbú, 5 sẹ́yìn, 4 sókè. Ọmọkùnrin tó ń kà sọ pé 120, ẹni tó ń kọ sì ti fẹ́ kọ ọ́. Mo ní kí ó gun àga kó wo àárín rẹ̀. Ihò ńlá ló wà níbẹ̀, èyí tó fẹ̀ tó páálí 2 ní ìbú, 3 sẹ́yìn, tó sì jìn dé ilẹ̀. Páálí 24 ni kò sí, 96 ló wà. Kò sí ẹni tó jí i. Àwọn ọmọ ló ń ti ẹ̀yìn mú u torí pé ọ̀nà àbájáde ni ẹ̀yìn náà kọjú sí, wọ́n á sì tún ti ẹ̀yìn di èyí tó kù kí òkìtì má baà wó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹni karùn-ún máa to ọjà. Kí ó tú òkìtì, kí ó tún un tò ní ìpele tí gbogbo rẹ̀ dọ́gba, kí a tó kà á. Páálí tí wọ́n ti fi téèpù lẹ̀ padà, ẹ gbé e sókè kí ẹ mọ bó ṣe wúwo, kí ẹ sì ṣí i. Bírò ni kí wọ́n fi kọ ọ́, má fún wọn ní pẹ́ńsù. Bí wọ́n bá ṣì í kọ, kí wọ́n fi ìlà kan fa á, kí wọ́n kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i.

Mo ti sọ nínú lẹ́tà pé iye tó wà nínú ìwé kò gbọdọ̀ hàn sí ẹni tó ń kà. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ ọ́ lórí èyí. Bí ẹni tó ń kà bá mọ̀ pé 39 ló yẹ kó rí, tó bá dé 38 tí ó ti rẹ̀ ẹ́, 39 ló máa kọ, kò sì ní mọ̀ pé òun purọ́.

Nígbà tí iye bá jáde, tún èyí tó bá yàtọ̀ kà kí o tó sọ ohunkóhun. Ẹlòmíràn ni kí ó kà á, kì í ṣe àwọn méjì tó kọ́kọ́ kà á. Ṣe èyí fún gbogbo ọjà tó bá dín tàbí tó bá lé ní páálí kan, tàbí tó tó ₦5,000. Èyí tó kéré sí ìyẹn, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o máa wò ó bóyá á tún yọjú ní oṣù tó ń bọ̀. Bí ìyàtọ̀ náà bá ṣì dúró lẹ́yìn àtúnkà, bó ṣe rí máa ń sọ ibi tí o ti máa wá ìdí rẹ̀.

Bí ó bá dín ní odidi páálí, bíi 40 tàbí 80 gẹ́ẹ́, ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀ ni kí o lọ. Ó ṣeé ṣe kí ọjà má pé nígbà tí ọkọ̀ já a, kí ẹnìkan sì fọwọ́ sí ìwé láìkà, tàbí kí páálí ti jáde láìní rísíìtì, tàbí kí ó bàjẹ́ bíi ti ọjọ́ 19 yẹn. Bí ó bá dín ní ẹyọ wẹ́wẹ́, 7, 12, 19, kántà ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fún oníbàárà ní ènì, tí ọmọ ilé ti ń mú ọ̀kan jẹ, tí èrò ti ń pọ̀ lọ́wọ́ alẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fi já rísíìtì. Bí ọjà kan bá dín ní 30, tí èkejì rẹ̀ tó jọ ọ́ sì lé ní 30, bíi mílíìkì agolo ńlá àti kékeré ti ilé iṣẹ́ kan náà, kò sí ohun tó sọnù ní iye, wọ́n ń tẹ ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà dípò èkejì ni. Ṣùgbọ́n wo owó rẹ̀ dáadáa, torí pé ó lè jẹ́ owó kékeré ni wọ́n ń gbà lórí ńlá. Bí ọjà kan bá sì ń dín ní iye tó jọra lóṣooṣù bó o ṣe ń rà á, rántí tòmátò mi, kí o ya páálí kan.

Ọjà tó lé ni kí o bẹ̀rù jù. Gbogbo ènìyàn ló máa ń gbójú fò ó torí pé ó dà bí èrè. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọjà wọlé tí a kò kọ, tàbí ọjà oníbàárà wà nínú tiyín, tàbí pé ìgbà tó kọjá ni ẹ kà á ní àkàdín. Wá ìdí rẹ̀ bí o ṣe máa wá ti èyí tó dín.

Ó kù díẹ̀ tí kíka ọjà kò lè ṣe, ó sì yẹ kí ìwọ fúnra rẹ sọ ọ́ fún Alhaja kí wọ́n má rò pé o ti ṣèlérí rẹ̀. Kò lè fi hàn pé wọ́n ta ọjà ní iye tó pé ṣùgbọ́n ní owó tó kéré. Bí ẹnìkan bá ta páálí kan fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní owó tí ẹ fi rà á, tí ó sì já rísíìtì rẹ̀, ọjà náà máa pé nígbà tí ẹ bá kà á. Rísíìtì ni wọ́n ti máa rí ìyẹn, nípa fífi owó orí rẹ̀ wé owó tí ẹ fi sílẹ̀ pé kí wọ́n máa tà á. Bákan náà, iye tí ẹ bá rí ní oṣù kìíní kò ní wúlò púpọ̀, torí pé gbogbo àṣìṣe láti Oṣù Kejìlá ló máa kó jọ sínú rẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá ọ lẹ́jọ́ lórí rẹ̀. Ìpìlẹ̀ ni. Oṣù kejì ni iye tó ṣeé gbára lé máa bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Bí ẹ bá ń ka ọjà lọ́wọ́, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kù díẹ̀ tàbí tó ti kọjá á jáde síta. Kó èyí tó ti kọjá kúrò lórí ṣẹ́ẹ́fù lójú ẹsẹ̀, kọ ọ́ sí ìwé tirẹ̀, kí èyí tó kù bí oṣù 3 sì bọ́ síwájú kí ó lè tètè tà.

Fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ kí oṣù tó ju ọjọ́ 15 lọ, kí wọ́n lè rí àyè rán ènìyàn wá. Bí Alhaja bá sì pè ọ́ pé kí o wá ṣàlàyé rẹ̀ l'Ékòó, mú ìwé ìndómì náà dání, àti gbogbo rísíìtì oṣù náà.